Nọ́ọ̀bù kúkà gáàsì màmá mi, àti ohun tí mo kọ́ nípa wíwọn àti yíya rẹ̀

Fún bí oṣù mẹ́ta, púláyà ni màmá mi fi ń tan kúkà gáàsì wọn ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀kan nínú nọ́ọ̀bù mẹ́rin tí wọ́n fi ń yí iná ti là láti inú, níbi tí ó ti ń di ọ̀pá irin mú, ó wá ń yí lófo láìmú ọ̀pá náà dání. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ tí mo bá wọn níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ síwájú iná, tí wọ́n ń fi púláyà wá ibi tí gáàsì yóò ti pa, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, nítorí ẹni tí ó ń fi púláyà yí ọ̀pá kò ní àmì kankan tí yóò fi mọ̀ bóyá iná ti pa tán tàbí ó ṣì kù díẹ̀. Mo wá irú rẹ̀ dé Sábó àti Lagere. Àwọn tí mo rí jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n ihò wọn kò bá ọ̀pá náà mu. Òmíràn kéré jù, òmíràn sì ń mì. Ni mo bá pinnu láti ya òmíràn fúnra mi nínú FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí a fi ń ya nǹkan tí a fẹ́ ṣe, kí n sì gbé iṣẹ́ náà lọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ẹ̀rọ atẹ-nǹkan 3D nítòsí Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ kan péré ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Nọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo bàjẹ́ kí ìkẹrin tó wọlé dáadáa, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ló fa á. Ohun tí ó fa á ni pé mo da oríṣi ìwọ̀n méjì pọ̀: èyí tí mo fi kálípà, irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń wọn nǹkan kéékèèké, wọ̀n lára irin, àti èyí tí mo fi orí ara mi fi kún un kí ike lè wọ irin náà. Nígbà tí mo yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ náà tó tọ́.

Kálípà ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo ní jẹ́ onínọ́ńbà, ó ń ka ìwọ̀n dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, ṣùgbọ́n pé ó ń kà á kò túmọ̀ sí pé a lè gbára lé nọ́ńbà tí ó gbẹ̀yìn yẹn. Kí n tó wọn ohunkóhun, mo máa ń nu ẹnu rẹ̀ méjèèjì, n ó pa wọ́n dé, n ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí n rí i pé ìmọ́lẹ̀ kò gba àárín wọn kọjá, lẹ́yìn náà ni n ó tẹ̀ ẹ́ sí òdo. Mo tún ní béárì 608 kan tí mo rà lọ́wọ́ oníṣẹ́ alùpùpù ní Sábó. Ìwọ̀n béárì yìí kan náà ni níbi gbogbo: ìta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22, ihò rẹ̀ jẹ́ 8, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 7. Bí kálípà mi bá ka ìta béárì náà sí 21.99 tàbí 22.00, mo mọ̀ pé n kò ní bá irọ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé ihò inú nọ́ọ̀bù tí ó ṣì dára lára kúkà náà ni mo wọ̀n, mi ò wọn ọ̀pá irin. Mo ki ẹnu kékeré tí kálípà ní lókè bọ inú ihò náà, ó sì sọ fún mi pé 7.7 ni. Ẹnu kékeré yẹn ní ojú pẹlẹbẹ tín-ín-rín, ojú pẹlẹbẹ kò sì lè dé ibi tí ihò roboto ti fẹ̀ jù, nítorí náà, tí ihò bá kéré, ó máa ń kà á sí ohun tí ó kéré ju bí ó ṣe jẹ́ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ike tí wọ́n ti ń lò fún ọdún mélòó kan ti jẹ, tàbí kí ó ti fún. Irin ni kì í yí padà, irin náà sì ni ohun tí nọ́ọ̀bù tuntun fẹ́ bá mu. Nọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò tilẹ̀ wọ orí ọ̀pá.

Nígbà tí mo wá fẹ́ wọn ọ̀pá náà, mo kọ́kọ́ pa gáàsì láti orí sílíńdà. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí mo rí ni 8.11, ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, àfi ìgbà tí mo fi èékánná ha ọ̀pá náà tí mo rí i pé epo dídì àti èérí ọjọ́ pípẹ́ ló bò ó. Mo fi aṣọ àti kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún, mo jẹ́ kí ó gbẹ, mo sì tún un wọ̀n níbi mẹ́ta: 7.94, 7.96, 7.95. Mo mú èyí tí ó tóbi jù, nítorí ihò gbọ́dọ̀ gba ibi tí ọ̀pá ti sanra jù kọjá. Ọ̀pá náà kò roboto tán; wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò kí ó lè pẹlẹbẹ, bí oṣùpá tí ó ti lé díẹ̀ sí ààbọ̀. Ojú pẹlẹbẹ yìí ni nọ́ọ̀bù ń dì mú láti yí ọ̀pá. Ọ̀nà tí ó dájú láti wọ̀n ọ́n ni kí a fi ẹnu kálípà kan lé ojú pẹlẹbẹ náà, kí a fi èkejì lé ẹ̀yìn ọ̀pá ní òdìkejì, kí a ka ohun tí ó wà láàárín. Mo rí 6.44. Kí a máa gbìyànjú láti wọn ohun tí wọ́n gé kúrò kò ṣeé gbára lé, nítorí kò sí ibi tí kálípà yóò dúró sí.

Ìwọ̀n tí ó kù ni mo kàn wọ̀n ní ìgbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ó ti bá nọ́ọ̀bù kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kúkà màmá mi jẹ́ irú èyí tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ nọ́ọ̀bù wọlé kí ó tó gbà láti yí. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá náà wà ní títì. Ọ̀pá kékeré tí ó ń yọ láti ìdí kálípà ni mo fi wọn jíjìn yìí. Láti ojú irin kúkà dé orí ọ̀pá jẹ́ 17.2 nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́, ó sì di 14.0 nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ wọlé tán. Ìrìn ọ̀pá náà jẹ́ 3.2 nìyẹn. Nínú nọ́ọ̀bù mi kejì, mo ya ihò tí ó jìn ní 15 nítorí mo rò pé bí ó bá ṣe jìn tó ni yóò ṣe dì í mú tó. Ètè ìsàlẹ̀ nọ́ọ̀bù náà wá ku 2.2 péré kí ó kan ojú irin, nígbà tí ọ̀pá nílò 3.2 kí títì rẹ̀ tó tú. Màmá tẹ̀ ẹ́ títí, kò yí. Wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn ni kò lágbára mọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí yíya rẹ̀ ṣe rí. Nínú FreeCAD, a kì í gbẹ́ nǹkan bí ẹni tí ń gbẹ́ ère, tí ó jẹ́ pé ohun tí a bá ti gé kúrò ti lọ. Ìbáṣepọ̀ ni à ń kọ sílẹ̀: pé roboto yìí fẹ̀ tó báyìí, pé ìlà yìí jìnnà sí àárín tó báyìí, pé ihò náà jìn tó báyìí. Bí a bá fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, tí a sì pe orúkọ náà níbi gbogbo tí a ti nílò rẹ̀, yíyí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà yóò yí gbogbo ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn padà. Ibi tí mo ń kọ àwọn orúkọ náà sí ni tábìlì tí ètò náà pè ní `Spreadsheet`. A ó kọ nọ́ńbà sínú ihò tábìlì, a ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí a kọ `Alias` sí. Mo kọ àwọn orúkọ mi láìsí àmì ohùn àti láìsí àlàfo, kí wọ́n má baà dí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́.

Nínú nọ́ọ̀bù méjì àkọ́kọ́, n kò lo tábìlì rárá. Mo kàn ń tẹ nọ́ńbà sínú àwòrán ní tààrà. Níbì kan mo kọ 8.2, níbòmíràn 6.6. Nígbà tí nọ́ọ̀bù náà kò ṣiṣẹ́, mo padà sí àwòrán, n kò sì rántí mọ́ èwo nínú wọn ni mo wọ̀n, èwo ni mo fi díẹ̀ kún, àti pé èló ni mo fi kún un. 8.2 kì í ṣe ìwọ̀n ohunkóhun láyé. Ó jẹ́ ìwọ̀n ọ̀pá pẹ̀lú àbá mi, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Tábìlì tí mo wá ṣe ní ìkẹyìn rí báyìí:

```
opa_yika     7.96 mm
opa_pelebe   6.44 mm
opa_wole     14.0 mm
aye          0.30 mm
aye_isale    1.30 mm
ogiri        3.00 mm
iho_yika     =opa_yika + aye
jin_iho      =opa_wole - aye_isale
```

Mẹ́ta àkọ́kọ́ wá láti ẹnu kálípà, n kì í sì í fọwọ́ kàn wọ́n mọ́ àfi tí mo bá tún irin wọ̀n. Mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, àyè láàárín irin àti ike, àyè tí yóò kù lábẹ́ nọ́ọ̀bù, àti nínípọn ògiri ihò, jẹ́ ìpinnu mi, àwọn ni mo lè máa yí. Méjì ìsàlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣírò fúnra rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí a kọ `mm` sí ẹ̀yìn gbogbo wọn, nítorí bí a bá kọ ọ́ sí ọ̀kan tí a gbàgbé rẹ̀ lára èkejì, FreeCAD kò ní gbà láti ro wọ́n pọ̀. Yóò sọ pé irú wọn kò bára mu.

Jíjìn ihò wá di 12.7. Bí nọ́ọ̀bù bá jókòó sórí ọ̀pá tí orí ọ̀pá náà sì kan òkè ihò, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò jìnnà sí ojú irin ní 4.5, tí a bá sì tẹ̀ ẹ́ wọlé tán, yóò ku 1.3, kò sì ní kan irin rárá. Ìṣirò yìí dúró lórí pé ètè ìta àti ẹnu ihò inú wà ní ìpele kan náà. Bí ètè ìta bá gùn ju ti inú lọ, a gbọ́dọ̀ yọ ìyàtọ̀ náà.

Àwòrán ihò fúnra rẹ̀ jẹ́ roboto kan tí ìlà tààrà kan gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fi àárín roboto náà sí oríta àwọn ìlà àárín ètò náà, mo fún un ní `Spreadsheet.iho_yika` gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìbú rẹ̀. Ìlà pẹlẹbẹ ni ó nílò ìrònú díẹ̀. Ohun tí mo wọ̀n ni láti ojú pẹlẹbẹ dé ẹ̀yìn ọ̀pá, ṣùgbọ́n ohun tí àwòrán ń fẹ́ ni láti àárín dé ojú pẹlẹbẹ. Ìdajì ìbú ọ̀pá ni a ó yọ kúrò, kí a tó fi àyè tirẹ̀ kún un:

```
Spreadsheet.opa_pelebe - Spreadsheet.opa_yika/2 + Spreadsheet.aye/2
```

Èyí jẹ́ 6.44 tí a yọ 3.98 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 2.46, tí a bá fi 0.15 kún un, ó di 2.61. Nígbà tí gbogbo ìlà bá ti so mọ́ ìwọ̀n, tí kò sí èyí tí ó lè rìn mọ́, àwọ̀ àwòrán náà yóò yí sí tútù bí ewé. Kí ó tó di àwọ̀ ewé, mo máa ń fi eku kọ̀ǹpútà di igun kan mú kí n fà á. Ibi tí ó bá tẹ̀ lé ọwọ́ mi ni mo gbàgbé láti dè. N kì í jáde nínú àwòrán tí kò tíì di àwọ̀ ewé, nítorí ohun tí kò sí ní dídè lónìí ni yóò sún kúrò lọ́jọ́ tí mo bá yí nọ́ńbà padà.

Kí ni ìdí tí a fi nílò `aye` gan-an? Ẹ̀rọ 3D ń yọ́ okùn ike, ó ń tò ó ní ìpele lórí ìpele. Bí ó bá ń yípo níbi ihò kékeré, okùn tí ó ṣì rọ̀ máa ń fà sínú díẹ̀, ihò tí a yà sí 8 sì máa ń jáde ní kékeré ju 8 lọ. Iye tí yóò fi kéré kò dọ́gba láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn, kódà láti okùn ike kan dé òmíràn. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ `aye` tó tọ́ fún mi láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ẹ̀rọ ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ tẹ odindi nọ́ọ̀bù mọ́. Ẹ gé ibi ihò yẹn nìkan wá fún mi, kí ó ga ní mìlímítà mẹ́fà, ẹ ṣe é ní mẹ́rin pẹ̀lú àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀: 0.1, 0.2, 0.3 àti 0.4. Nítorí pé tábìlì ti wà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo ń yí láàárín wọn. Mo mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí Modákẹ́kẹ́. Ti 0.1 kò wọlé. Ti 0.2 wọlé tipátipá, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi agbára fa nǹkan kúrò lára ohun tí gáàsì ń gbà kọjá. Ti 0.3 wọlé pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ti 0.4 já bọ́ nígbà tí mo dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀.

Mo fi 0.3 ṣe nọ́ọ̀bù kẹta, ó wọlé, ó tẹ̀, ó yí. Síbẹ̀ ó ń mì: a lè yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ọ̀pá tó mọ̀. Níbi iná gáàsì, mímì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, nítorí ó ń sọ fún ojú pé iná ti pa nígbà tí ọ̀pá kò tíì dé ibẹ̀. Ohun tí mo wá lóye ni pé ihò roboto ló máa ń fún nígbà títẹ̀. Ojú tààrà kì í fún tó bẹ́ẹ̀, nítorí okùn ike kò yípo níbẹ̀. Mo ń fún àwọn méjèèjì ní àyè kan náà nígbà tí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Mo fi orúkọ kan kún tábìlì, `aye_pelebe`, mo fún un ní 0.05 mm, mo sì fi í rọ́pò `Spreadsheet.aye/2` nínú ìwọ̀n òkè yẹn. Nọ́ọ̀bù kẹrin kò mì mọ́. Òun ni ó wà lára kúkà títí di òní.

Orí ọ̀rọ̀ ike náà, n kò gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú PLA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù tí ó sì rọrùn láti tẹ̀. PLA máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ojú irin kúkà tí a ti fi sè ẹ̀wà fún wákàtí méjì sì lè gbóná gidigidi. Bí ihò bá rọ̀ tí ó sì fẹ̀, a ti padà sídìí púláyà nìyẹn, ní àkókò tí iná ń jó lọ́wọ́. PETG ni a lò, èyí tí ó ń fara da ooru dé nǹkan bí 80. Mo sì fún ògiri yíká ihò ní mìlímítà 3, nítorí ibi tí ti àtijọ́ ti là gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Aládùúgbò màmá mi rí nọ́ọ̀bù náà, wọ́n ní kí n bá àwọn náà ṣe ọ̀kan. Ọ̀pá tiwọn tín-ín-rín jù: 5.95, ojú pẹlẹbẹ rẹ̀ 4.47. Inú mi dùn, mo rò pé nọ́ńbà mẹ́ta péré ni n ó yí. Mo yí wọn, nọ́ọ̀bù náà sì dàrú lójú mi: ihò àti ògiri rẹ̀ yí padà bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ìlà àmì tí ó ń tọ́ka sí ibi tí iná wà fò kúrò lórí nọ́ọ̀bù, ó lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé orí ojú òkè nọ́ọ̀bù tí mo ti yà tán ni mo gbé àwòrán àmì náà lé. FreeCAD ń fún ojú kọ̀ọ̀kan ní orúkọ bíi `Face7`, bí ìrísí bá sì yí padà, orúkọ náà lè bọ́ sọ́wọ́ ojú mìíràn. Ẹ̀dà 0.21 ni mo ń lò nígbà yẹn. Ẹ̀dà 1.0 tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ti dín ìṣòro yìí kù púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń yẹra fún un. Orí `XY_Plane`, tí kì í yí padà láé, ni mo ń gbé gbogbo àwòrán lé báyìí, tí mo bá sì fẹ́ kí ó ga sókè, mo fi orúkọ gíga nọ́ọ̀bù láti inú tábìlì gbé e sókè níbi `Attachment Offset`.

Kúkà aládùúgbò yìí tún fi ohun mìíràn hàn mí tí n kò ronú kàn. Nígbà tí iná bá pa lára kúkà màmá mi, ojú pẹlẹbẹ ọ̀pá máa ń kọjú sókè. Lára tiwọn, ọwọ́ ọ̀tún ni ó kọjú sí. Bí mo bá ṣe é bíi ti màmá, àmì ìpa iná ìbá máa tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tí ó bá sì wò ó ìbá rò pé iná ṣì wà ní ṣíṣí, tàbí ohun tí ó burú jù, òdìkejì rẹ̀. Igun láàárín àmì àti ojú pẹlẹbẹ náà wá di orúkọ tirẹ̀ nínú tábìlì, `igun_ami`, tí mo ń kọ `0 deg` sí fún màmá, àti `90 deg` fún aládùúgbò wọn. Kí n tó fi nọ́ọ̀bù èyíkéyìí sílẹ̀, mo máa ń dán an wò nígbà tí sílíńdà ṣì wà ní pípa: n ó tẹ̀ ẹ́, n ó yí i dé òpin méjèèjì, n ó yọ ọ́ kúrò, n ó sì wo ojú pẹlẹbẹ ọ̀pá fúnra rẹ̀ kí n rí i pé àmì orí nọ́ọ̀bù kò purọ́ nípa rẹ̀.

Màmá ti ń bẹ̀ mí báyìí pé kí n ṣe ti ófùnù náà, èyí tí ó wà lókè ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran. Mo ti wọ̀n ọ́n, ó ti wà nínú tábìlì, ìrìn ọ̀pá rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ooru tí ń jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn pọ̀ ju ohun tí mo lè fi PETG lé lórí, nítorí náà mo ń dúró de ìgbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa yóò rí okùn ABS rà, èyí tí ó ń fara da ooru dé nǹkan bí 100. Ìwọ̀n `aye` rẹ̀ yóò yàtọ̀, n ó sì tún ní láti tẹ ègé kéékèèké mẹ́rin.